Kì í ṣe pé afẹ́fẹ́ ń ha á lára

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Mo rí fọ́tò abẹ́ ọkọ̀ Orion tí NASA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi lọ sí ọ̀dọ̀ òṣùpá yẹn, ó jóná dúdú, ó tún dá kòtò kòtò. Ṣé kò sí irin líle tí ò ní jóná ni? Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí imú ẹ̀ ṣóńṣó kí afẹ́fẹ́ má baà máa ha á lára?

Ìdáhùn: Háà, ọ̀rọ̀ ha-á-lára yìí náà ló tún dé! Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ díẹ̀ ni. Ẹ fọwọ́ kan ìdí pọ́ǹpù ọwọ́ nígbà tí fọganáísà bá ń fa táyà kẹ̀kẹ́, ó máa ń gbóná, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ ló fà á. Nígbà tí Orion ń ti ọ̀dọ̀ òṣùpá bọ̀, bíi kìlómítà 11 ló ń sá ní sẹ́kọ́ńdì kan, afẹ́fẹ́ iwájú ẹ̀ ò ráyè yà fún un, ó kàn ń fún pọ̀ síbẹ̀ ni, ó ń gbóná títí á fi máa tàn yòò.

Imú ṣóńṣó tí ẹ ń sọ yẹn gan-an ló máa pa àwọn tó bá wà nínú ẹ̀. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ H. Julian Allen ló rí i ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1950 sí 1953 pé tí iwájú bá tẹ́ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn á dúró díẹ̀ síwájú, ooru tó pọ̀ jù á bá afẹ́fẹ́ lọ, àmọ́ tó bá ṣóńṣó, á lẹ̀ mọ́ ọn lára ni. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí Orion fi ń fi ìdí wọlé, ìdí tó fẹ̀ tó mítà 5.

Ti irin ńkọ́? Ooru abẹ́ ẹ̀ ń lọ sí bíi 2,760 dígíríì, irin lásán ti yọ́ tipẹ́, èyí tí ò bá sì yọ́ á gbé ooru wọlé bá àwọn èèyàn bí ìkòkò orí iná. Avcoat tí wọ́n fi bo ìdí ẹ̀, kó jóná ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀. Ojú ẹ̀ á di èédú, gáàsì á máa jáde láti inú, á máa gbé ooru lọ, èédú yẹn ò sì ní jẹ́ kí ooru ráyè wọnú. Ẹ jẹ́ kó dúdú, kò sí wàhálà.

Kòtò yẹn ni wàhálà. Nígbà tí Orion dé láti Artemis I, ìrìnàjò ẹ̀ àkọ́kọ́ sí ọ̀dọ̀ òṣùpá, ní December 2022, kò sẹ́ni nínú ẹ̀, ó kọ́kọ́ wọnú afẹ́fẹ́, ó tún fò sókè díẹ̀ kó tó wá sọ̀ kalẹ̀ pátápátá. Bó ṣe fò sókè yẹn, ooru dínkù, èédú ò tètè hù, àmọ́ gáàsì ṣì ń pọ̀ nínú Avcoat tí ò rí ibi gbà jáde, ló bá ń sán, wòró wòró ń já dànù níbi tó lé ní 100. Lóòótọ́ inú ọkọ̀ ò ju bíi dígíríì 24 lọ, tí èèyàn bá wà níbẹ̀ kò ní jóná, àmọ́ mi ò ní torí ìyẹn sọ fún yín pé kò séwu o, torí ibi tí wòró bá ti já, Avcoat tó kù níbẹ̀ ti fẹ́lẹ́ ju bí wọ́n ṣe ṣírò ẹ̀ lọ. Ní December 2024 NASA ní àwọn ò ní tú Avcoat ti Artemis II, ìrìnàjò tó tẹ̀lé e, ọ̀nà tó máa gbà wọlé ni àwọn máa yí padà, kó má baà pẹ́ jù níbi tí ooru ti ń dínkù yẹn.