Èlé nìkan là ń san tẹ́lẹ̀, ojú owó ti dé báyìí

"Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́. Mo yá mílíọ̀nù 10 ní báńkì nílé, ọdún 5 ni mo máa fi san án. Ọdún kìíní, èlé nìkan ni, 100,000 lóṣooṣù. Ó ku oṣù 3 kó pé ọdún, wọ́n ní 263,338 ni màá máa san. Ṣé wọ́n ti fowó kún èlé ni?"

Rárá o. Ìdá 1 nínú 100 lóṣù náà ni èlé yín ṣì jẹ́. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ń san látọjọ́ yìí ni kò kan ojú owó rárá. Mílíọ̀nù 10 náà ṣì wà lódindi, oṣù 48 péré ló sì máa kù láti san án tán. Ká ní àtìbẹ̀rẹ̀ lẹ ti ń san méjèèjì pọ̀ ni, oṣù 60 ni wọn ì bá pín in sí, 222,444 ni ì bá sì máa jẹ́ lóṣù. Ìsinmi ọdún kan yẹn lẹ ń san owó ẹ̀ báyìí.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, ẹ tẹ èyí sínú Excel:

```
=PMT(0.01,48,-10000000)
```

Tí iye tí báńkì mú wá bá ju èyí tó jáde lọ, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi kún un. Ìnṣọ́ránsì ló sábà máa ń jẹ́.

Ohun tó sábà máa ń kó àwa tá a wà lẹ́yìn odi sí wàhálà kì í ṣe ìṣirò yìí. Àṣẹ tá a ti fún báńkì pé kí owó kan náà máa lọ lóṣooṣù ni. Báńkì tí èmi yáwó lọ́wọ́ ẹ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà mi tilé, èyí tí mi ò lò mọ́. Owó àtijọ́ ló ń lọ fún oṣù méjì gbáko, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé èyí tí ò pé. Ẹ tètè yí àṣẹ yẹn padà, kẹ́ ẹ sì fún wọn ní ímeèlì tẹ́ ẹ̀ ń kà.

Wọ́n lè ní káwọn fa ọjọ́ gùn fún yín. Tí oṣù 48 bá di 72, owó oṣù á wálẹ̀ sí 195,502, àmọ́ ẹ ó fi ohun tó lé ní 1,400,000 san èlé sí i. Tó bá jẹ́ èmi ni, ojú owó ni màá kọ́kọ́ bù nínú ẹ̀ láàárín oṣù 3 tó kù yìí. Tẹ́ ẹ bá rí mílíọ̀nù kan san sí i, owó oṣù á di nǹkan bí 237,000. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ san ṣáájú ọjọ́. Kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ojú owó ni kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀. Lóṣù tó bá tẹ̀ lé e, ẹ wo èlé tí wọ́n yọ: 90,000 ló yẹ kó jẹ́. Tó bá ṣì jẹ́ 100,000, inú àkáǹtì lowó yín kàn jókòó sí.