Má tíì kọ lẹ́tà sí súpáfáísọ̀ ẹ, wá ìwé owó káńsù ná

"Ẹ káàsán mà. Òkè-Fíà ni mò ń gbé, másítàs ni mò ń ṣe. Tọ́píìkì tísíìsì mi, lóòn báńkì kékeré fún àwọn ìyálọ́jà, ti kú sí mi lọ́wọ́, báńkì ò fún mi ní dátà. Mo fẹ́ yí i sí owó ìjọba ìbílẹ̀ àmọ́ súpáfáísọ̀ mi ló fún mi ní ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí. Báwo ni mo ṣe máa kọ lẹ́tà náà tí wọn ò ní bínú?"

Ọmọ mi, ohun tó máa bí bàbá yẹn nínú ni kó o tún padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà pé káńsù náà ò fún ẹ ní dátà. Ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ yanjú.

Owó ìjọba ìbílẹ̀ lásán, ọjà tí ò lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Mú ìbéèrè kan ṣoṣo: nínú alokéṣàn, owó tí wọ́n ń pín láti Àbújá, tó jáde lórúkọ káńsù, èló ló kù tí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́? Mú káńsù méjì, Òṣogbo àti Ọlọ́rundá, inú ìlú kan náà ni wọ́n wà, owó ọkọ̀ ò ní pa ẹ́.

Mo ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka owó káńsù kan kí n tó fẹ̀yìn tì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá wa nígbà yẹn, ó gbé fígọ̀ tí wọ́n kéde ní Àbújá dání, ó ti kà á sí owó tá a ná, ó ní ṣé gọ́tà kan ṣoṣo la rí kọ́. Ọ̀gá wa ò bá a jà, wọ́n kàn tú okùn fáìlì kan, wọ́n fi ìwé ìyọkúrò oṣù kan hàn án. Ọmọ náà jókòó.

Bó ṣe rí ni pé abala 162 nínú òfin 1999 ní kí owó káńsù gba inú àkáùntì àpapọ̀ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tá à ń pè ní Jáàkì ti máa ń yọ owó oṣù tíṣà pírámárì, pẹ́ńṣọ̀n, owó àwọn ọba, owó tréníìnì òṣìṣẹ́. Ká ní 100 náírà ló jáde (àpẹẹrẹ tèmi ni o, má lọ kọ ọ́ sí tísíìsì): tíṣà gba 45, pẹ́ńṣọ̀n 15, àwọn ọba 5, tréníìnì 1, ó ku 34. Káńsù san owó oṣù òṣìṣẹ́ tiẹ̀, 28, ó ku 6. Náírà 6 yẹn ni tísíìsì ẹ.

Fígọ̀ Àbújá ò ṣòro, wọ́n ń gbé e jáde lóṣooṣù. Ti ìyọkúrò ló le. Ìròyìn ọdọọdún ọ̀gá àgbà olùyẹ̀wé-owó-wò fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni kó o béèrè, pẹ̀lú ìwé ìṣirò oṣooṣù káńsù fúnra ẹ̀. Tó o bá rí i pé owó tó wọlé nínú ìwé káńsù bá ti Àbújá mu gẹ́ẹ́, má tíì yọ̀, wo ẹ̀gbẹ́ ìnáwó, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ owó tíṣà síbẹ̀ bíi pé káńsù ló ná an. Àti pé owó tí wọ́n pa ní Disẹ́ńbà, Jánúárì ni wọ́n ń pín in, torí náà àpapọ̀ ọdún lè má dọ́gba kó má sì jẹ́ pé ẹnì kankan jalè.

2019 sí 2023 ni kó o lò. Ní 11 Júláì 2024 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó máa lọ sọ́dọ̀ káńsù tààrà, nígbà tó sì di 2025 wọ́n di alokéṣàn àwọn káńsù Ọ̀ṣun mú torí ìjà ta ló ni àga, àwọn òṣìṣẹ́ náà ò lọ síbi iṣẹ́ fún oṣù púpọ̀. Tó o bá kó ọdún yẹn mọ́ ọn, òfo inú tábìlì ẹ máa dà bíi pé owó ló wálẹ̀.

Lọ béèrè kọ́pì ìwé ọdún kan péré fún káńsù kan. Tí wọn ò bá fún ẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fi tọ́píìkì yìí sílẹ̀, súpáfáísọ̀ ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀. Tí wọ́n bá fún ẹ, ìgbà yẹn lo máa kọ lẹ́tà, kó má ju ojú ìwé kan lọ: pé ọjọ́ báyìí báyìí lo kọ̀wé sí báńkì tí wọn ò dáhùn, pé ìbéèrè tuntun nìyí, pé ìwé tó ti wà lọ́wọ́ nìyí, pé oṣù báyìí lo máa parí. Má kọ ọ́ síbẹ̀ pé tọ́píìkì tiwọn ò dáa o. Béèrè bóyá ìgbìmọ̀ ẹ̀ka yín gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, torí tí wọ́n bá ti forúkọ tọ́píìkì ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ẹnu súpáfáísọ̀ nìkan ò tó.

Má fi wọ́ọ̀tsáàpù ránṣẹ́. Tẹ̀ ẹ́ jáde, mú un lọ sí ọ́fíìsì wọn láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀, kúnlẹ̀ kí wọn, kó o fi tábìlì ọdún kan yẹn sórí lẹ́tà, kó jẹ́ òun ni ojú wọn máa kọ́kọ́ bà lé.