Pé RSI wọ 25 kò ní kí ọjà má tún já

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. RSI ti wọ 25 lórí ìpín Amẹ́ríkà tí mo ń rà. Ẹni tó ń kọ́ wa ní tó bá ti bọ́ sábẹ́ 30, ọjà kò ní pẹ́ fò sókè. Mo ti rà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì ń já. Ṣé kí n fi owó ìwé ọmọ kún un?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò. Má fọwọ́ kan owó ìwé ọmọ. Ìbéèrè yìí ti dé ọ̀dọ̀ mi lọ́pọ̀ ìgbà, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀.

Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé o rò pé RSI ń sọ fún ọ pé ọjà ti já jù, pé ó ti kan ilẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀. J. Welles Wilder ló gbé e jáde lọ́dún 1978, ohun tó sì ń ṣe ni pé, lórí òǹkà 0 sí 100, ó ń fi ìpíndọ́gba iye tí ọjà fi ń gòkè wé ìpíndọ́gba iye tó fi ń já, bíi ọjọ́ mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Tó bá wà ní 30, ìjábọ́ ju ìgòkè lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Tó bá wà ní 20, ìlọ́po mẹ́rin ni. Kò bi ọjà bóyá ó ti wọ́n tàbí ó ti di ọ̀pọ̀. RSI kò lè kọjá òdo lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n iye owó ìpín ṣì lè máa lọ sísàlẹ̀ títí.

Wo S&P 500, òṣùwọ̀n ìpín ilé iṣẹ́ ńlá 500 ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008, lẹ́yìn tí báǹkì Lehman Brothers ti wó. Ní ọjọ́ 7, ó parí ní 996, RSI sì bọ́ sábẹ́ 30. Ká ní o fi 1,000 dọ́là rà á lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ 10, ó ti di 899, owó rẹ sì ti di nǹkan bíi 903. Bí o bá ti pàṣẹ pé kí wọ́n tà á tó bá já ní ìdá 5 nínú 100, wọ́n ti gbé ọ jáde ní ọjọ́ 9. Ní ọjọ́ 13, ìfòsókè náà dé lóòótọ́: 1,003, ó ju ìdá 11 lọ lọ́jọ́ kan. Ìwọ kò sì sí nínú rẹ̀ mọ́.

Àwọn olùkọ́ yìí á wá sọ pé kò yẹ kí o tètè rà, pé kí o dúró títí RSI á fi gòkè padà kọjá 30. Ọjọ́ 13 yẹn gan-an ló kọjá rẹ̀. O rà á ní 1,003. Ní ọjọ́ 15, ọjà parí ní 908. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, 752. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2009, 677. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ tó ti lọ.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ọjọ́ kan péré tí ọjà bá fò lè gbé RSI sókè gan-an, bí iye owó kò tilẹ̀ tíì padà síbi tó ti já. Ní ọjọ́ 13 yẹn, RSI ga ju ti ọjọ́ 6 lọ, bẹ́ẹ̀ owó ìpín kéré sí ti ọjọ́ 6 pẹ̀lú póìǹtì 53. Ọjà ti rí ààyè láti tún já. Àwọn tó sì ń tà nígbà náà kì í ṣe pé ó wù wọ́n: ọ̀pọ̀ fi owó yíyá ra ìpín, ẹni tó yá wọn lówó sì ń bèèrè owó rẹ̀. Wọn kò lè dúró de ọjà tó máa padà sókè.

Òfin 30 yẹn máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ nígbà tí ọjà ń gòkè, tó kàn sinmi. Bí o ṣe máa mọ̀ ni pé kí o fa ìlà ìpíndọ́gba iye owó ọjọ́ 200 sẹ́yìn sí ṣáàtì rẹ. Bí owó ìpín bá wà lábẹ́ rẹ̀, tí ìlà náà sì ń dà sísàlẹ̀, tí RSI kò sì lè kọjá bíi 60 nígbàkígbà tó bá gòkè, má fi 30 rà. Ní oṣù Kẹwàá 2008, owó ìpín ti jìnnà sábẹ́ ìlà yẹn. Kí ó wà lókè ìlà náà kò dá ọ lójú pé wàá jèrè, torí ọjà tó lókè lè wó lọ́la. Ó kàn ń yọ irú ọjà tó burú jù kúrò ni.

Mi ò mọ gbogbo ohun tí o ní, n kò sì rí ṣáàtì rẹ, nítorí náà mi ò lè sọ pé kí o ta èyí tí o ti rà. Ṣùgbọ́n má rà á lẹ́ẹ̀kẹta láti fi mú iye tí o rà á walẹ̀. Kọ iye tí o lè pàdánù sílẹ̀ lónìí, fi ìwé náà hàn ìyàwó rẹ, kí o sì san owó ìwé ọmọ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.