Atẹ́gùn ló ń gbẹ efínrín

"Ẹ jọ̀ọ́, mo já efínrín ńlá àti efínrín wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ilé, mo tẹ́ wọn sínú yàrá kí oòrùn má baà bà wọ́n jẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, èyí wẹ́wẹ́ ti dúdú, ó sì ń rùn bí ewé tó rà. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín? Abẹ́òkúta ni mo wà."

Ẹ kú ìrọ́jú o. Abẹ́òkúta ni èmi náà wà, lápá Àdátán, ewé gbígbẹ sì wà lára ohun tí mo ń tà fún àwọn olóúnjẹ. Ibi tí ẹ tẹ́ ẹ sí ló ṣe é. Yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa ní ibòòji lóòótọ́, àmọ́ kò ní atẹ́gùn. Omi tó ń jáde lára ewé ò ríbi gbà lọ, orí ewé náà ló máa dúró sí, ewé á sì máa dúdú díẹ̀díẹ̀ kó tó gbẹ. Efínrín wẹ́wẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ dúdú, torí ewé rẹ̀ rọ̀, omi inú rẹ̀ sì pọ̀. Ibòòji kàn ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn ni. Ohun tó ń gbẹ ẹ́ gan-an ni atẹ́gùn.

Ẹ mú ewé efínrín kan, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ ó rí àwọn ojú tótòtó kéékèèké káàkiri ara rẹ̀. Inú wọn ni òróró tó ń ta sánsán wà, awọ tó sì bò wọ́n kò nípọn rárá. Bí ẹ bá fún ewé náà, wọ́n á bẹ́. Bí ooru bá pọ̀ lórí wọn, òróró náà á fò lọ. Ibi tí wọ́n bá ti fún ara ewé tún máa ń dúdú. Ìdí nìyí tí ewé tí wọ́n dì pinpin ní ọjà Kútọ̀, tí wọ́n tún wá rọ́ sínú náílọ̀n, fi máa ń dúdú lójú ibi tí okùn ti mú un, kódà bí ẹ bá gbẹ ẹ́ dáadáa. Bí tiyín bá wà lẹ́yìn ilé, ẹ má lọ rà á lọ́jà fún gbígbẹ.

Àárọ̀ ni kí ẹ já a, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ lára rẹ̀, kí oòrùn tó mú, kí ó sì jẹ́ ìgbà tí kò tíì yọ òdòdó. Tí eruku tàbí ẹrẹ̀ bá wà lára rẹ̀, ẹ bu omi wẹ̀ ẹ́ lórí ìdúró ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Èmi kì í fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí mo bá ti já a, àfi tí kò bá sí bí mo ṣe lè ṣe é. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ lábẹ́ fáànù títí omi òde ara rẹ̀ á fi tán. Ẹ já ewé kúrò lára igi rẹ̀, torí igi máa ń pẹ́ gbẹ, á sì máa tú omi sára ewé.

Ohun tí mo ń tẹ́ ẹ lé ni pákó mẹ́rin tí wọ́n kàn pọ̀, tí mo wá na nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí i. Mo máa ń gbé e lé búlọ́ọ̀kù kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń gba òpin kan wọlé tó ń gba ìkejì jáde ló dáa jù, tí oòrùn ò sì ní kàn án nígbà kankan. Ẹ má gbé e sínú yàrá tí kò ní síìlì lábẹ́ páànù. Lọ́sàn-án oṣù kẹta, ooru ibẹ̀ máa ń ju ìwọ̀n 40 lọ. Bí ẹ bá wọlé tí gbogbo yàrá ń ta sánsán, òórùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn ti kúrò lára ewé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi kílò kan ewé tútù ní oṣù keje ṣe àpẹẹrẹ, torí ìgbà òjò ló ń dààmú èèyàn jù. Ewé ò gbọ́dọ̀ gorí ara wọn, nítorí náà nẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, kò lè gbà ju bíi gíráàmù 250 lọ. Ẹ ó nílò mẹ́rin. Ní ọjọ́ kìíní, kí ẹ gbé fáànù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó máa fẹ́ gba orí àti abẹ́ ewé, kì í ṣe kó kọjú sí i tààrà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fẹ́ gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan. Ẹ fi ọwọ́ fẹ́rẹ́ yí i padà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó yẹ kó ti rọ, kó sì máa ká jọ. Bí ó bá ṣì le bí ìgbà tí ẹ já a, atẹ́gùn ò tó o nìyẹn. Láti bí ọjọ́ kẹrin lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún wéréwéré. Ní àsìkò ọyẹ́, ọjọ́ mẹ́ta lè tó o, ẹ ò sì nílò fáànù. Tí òjò bá rọ̀ léraléra tí iná ò sì sí, ó lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, èyí wẹ́wẹ́ ò sì ní lè dúró tó bẹ́ẹ̀ kó má dúdú. Irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò kì í já a rárá.

Ìrì òru máa ń dá omi padà sára ewé tó ti ń gbẹ. Torí náà, ẹ gbé e wọlé tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ má sì kó o sínú ìgò láàárọ̀ láéláé. Aago kan sí mẹ́ta ọ̀sán, tí òde gbẹ jù, ni kí ẹ kó o.

Kí ẹ tó kó o, ẹ mú ewé kan, kí ẹ tẹ iṣan àárín rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́, ó ti gbẹ. Bí ó bá kàn tẹ̀, kò tíì gbẹ, bí etí ewé ì báà máa fọ́ sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kó díẹ̀ sínú ìgò tó funfun tó mọ́ kedere, kí ẹ dé e, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí ara ìgò bá rí bíi pé ìkùukùu bò ó nínú, ẹ dá a padà sórí nẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá wá rí ohun funfun tó hù bí òwú, ẹ má ṣa èyí tó dáa níbẹ̀ o, ẹ da gbogbo ìgò náà nù.

Kílò kan yẹn á fún yín ní nǹkan bíi gíráàmù 150 sí 200. Ẹ má gún un, ẹ má sì rún un. Odindi ewé ni kí ẹ kó sínú ìgò, kí ó kún dé ọrùn kí atẹ́gùn inú rẹ̀ má pọ̀, kí ẹ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, kì í ṣe orí síńkì tàbí ẹ̀gbẹ́ ààrò. Òórùn máa ń yọ́ gba ara náílọ̀n jáde, nítorí náà mi ò kì í fi náílọ̀n pa á mọ́ ju ọjọ́ tí mo bá fẹ́ gbé e fún oníbàárà lọ. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó gan-an ni kí ẹ rún un lórí ìkòkò, nígbà tí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kó jinná.

Efínrín ńlá máa ń gbé òórùn rẹ̀ dé oṣù mẹ́fà, nígbà mìíràn ó máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ti wẹ́wẹ́ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, òórùn rẹ̀ tó dà bíi ti òdòdó yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí náà ẹ gbẹ ìwọ̀nba tí ẹ lè lò tán ní oṣù mẹ́ta. Èyí tó ti dúdú lọ́wọ́ yín yẹn, ẹ má fi se nǹkan kan. Ẹ dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.