WBC tó ní "L" lára: ṣé àìsàn ni?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Wọ́n fi èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ránṣẹ́ sórí fóònù, mo sì ya àwòrán rẹ̀ sí yín. WBC rẹ̀ jẹ́ 3.2, wọ́n kọ L sí i. LYM% jẹ́ 52, wọ́n kọ H sí i. Nǹkan kan ò ṣe é, àyẹ̀wò ìwọlé yunifásítì ló lọ ṣe. Oníkẹ́míìsì kan ní Táàkié níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé kí n wá ra abẹ́rẹ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún. Ṣé kí n rà á?"

Ìdáhùn: Ẹ má rà á, màmá. Ọmọ tí ara rẹ̀ ò gbóná, tí kò wúkọ́, tó ń jẹun dáadáa, abẹ́rẹ́ kí ni? Àwọn kòkòrò tí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ń pa sábà máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí WBC ń ka iye rẹ̀, pọ̀ ni, kì í ṣe kó dín. Táífọ́ọ̀dù lè mú un dín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí táífọ́ọ̀dù ń bá jà á ti máa gbóná.

Kọ̀ǹpútà ló kọ L yẹn, kò sì mọ ọmọ yín rí. Ohun tó ṣe kò ju pé ó wo 3.2, ó wo gbèdéke tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀, ìyẹn 4.0 sí 11.0, ó rí i pé iye náà kò dé ìsàlẹ̀ gbèdéke, ó kọ L. Ká ní ó kọjá òkè ni, á kọ H. Ẹni tó ní 3.9 á gba L, ẹni tó ní 4.0 á lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí gbèdéke ọ̀hún? Wọ́n á kó àwọn tí ara wọn le jọ, 120 ó kéré tán, wọ́n á to èsì wọn láti orí kékeré dé ńlá, wọ́n á wá gé ìdá 2.5 nínú 100 kúrò nísàlẹ̀, ìdá 2.5 kúrò lókè. Ẹ rí i pé ara àwọn tí wọ́n gé dà nù náà le.

Ẹ̀jẹ̀ àwọn wo wá ni wọ́n fi ṣe é? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ọmọ yín wà. Ẹ̀jẹ̀ àwọn Òyìnbó ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ gbèdéke tó wà nínú ẹ̀rọ wa. Àmì kan wà lára sẹ́ẹ̀lì pupa tí à ń pè ní Dọ́fì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí Yorùbá tó ní in. Ẹni tí kò bá ní in, ibà kan tí ó wọ́pọ̀ ní Éṣíà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i mú, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń jẹ́ nútúrófíìlì, èyí tó ń gbógun ti kòkòrò, sì máa ń kéré nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn jagunjagun náà ò dín o. Ó jọ pé inú ẹran ara ni púpọ̀ wọn lọ jókòó sí. Ó dà bí ẹni tó dúró ní Táàkié tó ń ka ọkọ̀ tó ń kọjá, tí kò ka àwọn tó wà ní gáréèjì.

LYM% tó ga ńkọ́? Ìdá límfósáìtì, irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn, nínú 100 sẹ́ẹ̀lì funfun ni, ẹ má fi da ara yín láàmú. Nínú àwòrán yín, NEU%, ìdá ti nútúrófíìlì, jẹ́ 38. Ẹ fi 3.2 lọ́nà 38, kí ẹ pín in sí 100: ó jẹ́ 1.2. Ìyẹn ni NEU#, iye nútúrófíìlì gan-an. Ẹ ṣe é bákan náà fún 52: ó jẹ́ 1.7, tó wà láàárín gbèdéke LYM# tiẹ̀. Límfósáìtì rẹ̀ ò pọ̀ rárá. Nútúrófíìlì ló kéré, ni ìpín tirẹ̀ fi dà bíi pé ó ga. Tí ẹ bá rí àmì lára %, ẹ wo # kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Àmọ́ èmi kọ́ ni mo yẹ ọmọ náà wò, àwòrán fóònù kì í sì í ṣe dókítà. Ẹ jẹ́ kó tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó sì ṣe ti kòkòrò éèdì pọ̀ mọ́ ọn, nítorí òun náà lè mú sẹ́ẹ̀lì funfun dín. Tí NEU# bá tún wà ní bíi 1.2, tí HGB, ìyẹn ti ẹ̀jẹ̀ pupa, àti PLT, ìyẹn ti sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ò sì ní àmì L tàbí H, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Tó bá wá sí ìsàlẹ̀ 1.0, tàbí tí egbò ẹnu àti àìsàn ń pààrà rẹ̀, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ 0.5, tí ara rẹ̀ sì gbóná dé 38°C, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ọ̀la.

Kó má sì lo sẹ́púríìnì tí kò ní ìwé dókítà títí dìgbà yẹn: òun fúnra rẹ̀ lè mú sẹ́ẹ̀lì funfun dín, á sì da èsì kejì rú mọ́ wa lọ́wọ́. Tí ẹ bá fẹ́ ya àwòrán èsì kejì yẹn, ẹ bo orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gé ọjọ́ àti gbèdéke kúrò.