Bí a ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ fún tẹlipurọ́ńtà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá. Kubwa ní Àbújá níbí ni mo ti ń fi tẹlipurọ́ńtà, ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ sójú gíláàsì níwájú kámẹ́rà, ka ìròyìn Yorùbá fún àwọn ará wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá wo fídíò mi, ẹyinjú mi á máa lọ á máa bọ̀ bí ẹni ń ka ìwé, mo sì máa ń kọsẹ̀ lórí nọ́ńbà. Báwo ni kí n ṣe tẹ ọ̀rọ̀ mi?

Ìdáhùn: Ìlà yín ló gùn jù. Bí ọ̀rọ̀ bá gba gíláàsì láti etí dé etí, ojú kò ní ṣàìtẹ̀lé e, kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn gíláàsì náà á sì rí i. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kí ọ̀rọ̀ méjì sí márùn-ún wà lórí ìlà kan. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà tóbi, kí ẹ lè jókòó jìnnà sí kámẹ́rà. Bí ẹ bá ṣe jìnnà sí i ni ìrìn ojú yín á máa dínkù.

Ibi tí èémí ti ń já ni kí ẹ ti gé ìlà. Ẹ má fi “kò” tàbí “ní” sílẹ̀ ní ìparí ìlà, torí ohùn yín á dúró níbi tí kò yẹ. Ẹ wò bí èmi ṣe máa tẹ ìròyìn kan tí 12/12/1991 wà nínú rẹ̀:

Ní ọjọ́ kejìlá
oṣù Kejìlá, /
ọdún ẹgbàá ó dín mẹ́sàn-án, //
ìjọba àpapọ̀
kó olú-ìlú Nàìjíríà
kúrò ní Èkó /
wá sí Àbújá. //

Àmì “/” kan fún ìdúró díẹ̀, méjì fún kí ẹ mí dáadáa. Nọ́ńbà ti di ọ̀rọ̀, ẹ ò ní máa ṣírò lójú kámẹ́rà.

Fún ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ tẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ìlà náà á bo àmì ìsàlẹ̀: “ọkọ̀” á dà bí “okò”. Ẹ má sì fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo rẹ̀, nítorí àmì ohùn kì í hàn dáadáa lórí wọn. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà náà ki, tàbí kí ẹ fún un ní àwọ̀ ìyeyè lórí dúdú. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ rọra pè é. Ẹ má gbé ohùn sókè, torí lédè wa, ohùn tó yí pa dà lè sọ ọ̀rọ̀ di òmíràn.

Ẹ fi àyè sáàárín ìlà méjì, kí àmì òkè ìlà kan má baà fara kan àmì ìsàlẹ̀ ti èkejì. Kí ẹ tó ká ìròyìn sílẹ̀, ẹ ká ìṣẹ́jú kan, kí ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ máa wo ojú yín nìkan. Bó bá ṣì ń rìn, ẹ tún ìlà gé kúrú. Bó bá jẹ́ pé ohùn yín ló ń já gìdì-gìdì, ẹ ti gé e kúrú jù nìyẹn. Ẹ da ìlà méjì pọ̀ níbẹ̀.