Wàfárìn tí ẹ fò lọ́jọ́ Ẹtì

"Ẹ kúuṣẹ́ o. Wàfárìn mílígíráàmù 5 ni mò ń lò nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dì sí mi lẹ́sẹ̀. Tí mo bá ti mọ̀ pé mo máa mu bíà lálẹ́ Ẹtì, mo máa ń fo oògùn ọjọ́ yẹn kí àwọn méjèèjì má baà pàdé. Ṣé ìgò mẹ́rin ti pọ̀ jù?" Láti Kúbwà, Àbújá

Ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n oògùn tí ẹ ń fò yẹn ló bà mí lẹ́rù ju bíà lọ. Ẹni kẹta lẹ jẹ́ lóṣù yìí tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Wọ́n ti pàdé ná. Wàfárìn ò dà bí oògùn ẹ̀fọ́rí tó ń wọlé láàárọ̀, tó ń jáde lálẹ́. Ó tó nǹkan bíi wákàtí 40 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára, nítorí náà ti Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ṣì wà nínú yín lálẹ́ Ẹtì. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ ọ dànù. Tí ẹ bá da ọtí púpọ̀ bo ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè má ráyè gbọ́ ti wàfárìn, ẹ̀jẹ̀ á sì lọ́ra láti dì ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tí ẹ fò ńkọ́? Ọjọ́ Àìkú tàbí Ajé ni ara ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ̀ ọ́n, nígbà tí ọtí ti dá lójú yín. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ lè tún dì sẹ́sẹ̀.

Awakọ̀ kan ní Nyanya fo Ẹtì àti Àbámẹ́ta nítorí ìgbéyàwó. INR rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, yẹ kó wà láàárín 2 sí 3. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 1.5 ni wọ́n bá. Kò sọ pé òun fo oògùn, dókítà sì fi kún oògùn rẹ̀. Ó lo ti tuntun yìí déédéé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó wá mutí yó. Èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ sórí búrọ́ọ̀ṣì, ìtọ̀ rẹ̀ pupa bí sobo. INR ti di 5.8. Irọ́ ló pọ̀ sí i lára, kì í ṣe oògùn nìkan.

Ẹ máa lo oògùn yín lákòókò kan náà lójoojúmọ́. Tí dókítà yín bá gbà kí ẹ mutí rárá, ìgò kékeré kan ni, ẹ má sì tọ́jú ti ọ̀sẹ̀ jọ de Ẹtì. Ìgò ńlá wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kékeré méjì. Ọtí ni páráágà náà o, a ò sì mọ ohun tí egbò igi inú rẹ̀ ń fi wàfárìn ṣe. Tí orí bá ń fọ́ yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ má fọwọ́ kan ìbùprófẹ́ènì.

Ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, èébì ẹlẹ́jẹ̀, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá mutí tí ẹ ṣubú fi orí gbálẹ̀, ẹ lọ lóru ọjọ́ náà bí kò tilẹ̀ sí egbò, kí ẹni tó bá gbé yín lọ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé wàfárìn lẹ̀ ń lò, kí wọ́n má baà rò pé ọtí lásán ló ń pa yín.